Ẹ Má Fi Owó Afọ́jú Lé Olè Lọ́wọ́: Ìkìlọ̀ Fún Àwọn Tó Ń Ṣe Ààpù Ní Àlímọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe ààpù ní Ìkòtún, ní Ẹ̀gbẹ́dá àti ní Ìgàndó, ẹ̀yin tí ẹ ń ya ojú rẹ̀ àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ kóòdù rẹ̀, ẹ dákẹ́ kí ẹ gbọ́ mi. Bọ́tìnì tí ẹ kò fún lórúkọ, lẹ́tà aláwọ̀ eérú tí ẹ tẹ́ sórí funfun, àpótí kékeré tí ẹ há iye owó mọ́: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lè kó owó ẹlòmíràn lọ. Ẹ ti ń pè é ní ohun tí ẹ máa tún ṣe bó bá yá. Mò ń sọ fún yín pé kí ó tó yá, owó á ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò ríran ń lo fóònù bíi tiyín. TalkBack ni orúkọ ohun tó ń ka ojú fóònù Android sókè fún un. Láti ọdún 2009 ló ti wà, ọdún kan náà tí Apple gbé VoiceOver sórí iPhone. Bó bá fi ìka ra ojú fóònù sápá ọ̀tún, TalkBack á kúrò lórí ohun kan bọ́ sórí èkejì, á sì pe orúkọ rẹ̀. Bó bá gbọ́ orúkọ ohun tó ń wá, á tẹ ojú fóònù lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, ohun náà á sì ṣiṣẹ́. Kò sí idán nínú rẹ̀. Orúkọ tí ẹ̀yin tí ẹ kọ ààpù fi sílẹ̀ ni TalkBack ń pè. Bí ẹ kò bá fi orúkọ kankan sílẹ̀, á ní bọ́tìnì kan wà níbẹ̀ tí kò lórúkọ, á sì dákẹ́. Àwọn TalkBack tuntun máa ń gbìyànjú láti wo àwòrán orí bọ́tìnì kí wọ́n sì méfò ohun tó jẹ́, ṣùgbọ́n ta ni nínú yín ló máa fi owó oṣù rẹ̀ ránṣẹ́ lórí èèfò?

Kí wá ni ẹni náà máa ṣe nígbà tó bá dé orí bọ́tìnì tí kò lórúkọ? Á na fóònù sí ẹni tó bá wà nítòsí. Ó lè jẹ́ ọmọ tó jókòó sábẹ́ agboòrùn tó ń ṣe pí-ó-ẹ́ẹ̀sì lẹ́bàá ojú títì, ó lè jẹ́ èrò tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ láti Ìyànà Ìpájà. Á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́." Ẹni yẹn á bèèrè nọ́ńbà àṣírí, òun náà á sì pè é lẹ́nu, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn. Gbogbo ìkìlọ̀ tí báńkì ń fi ránṣẹ́ pé kí á má ṣe sọ píìnì wa fún ẹnikẹ́ni di òfo lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe oníjìbìtì ló sọ ọ́ di òfo. Ẹ̀yin ni.

Ẹ má sọ fún mi pé afọ́jú kì í lo ààpù. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa pààrọ̀ owó. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kìíní ni wọ́n kọ́kọ́ dá pé owó àtijọ́ ò ní ṣeé ná mọ́, wọ́n sún un sí ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì, owó tuntun kò sì tó kárí. Ó di ọjọ́ kẹta oṣù kẹta kí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó pàṣẹ pé owó àtijọ́ ṣì ṣeé ná títí di ìparí ọdún náà. Láàárín ìgbà yẹn, ẹni tí kò ní owó lórí fóònù kò rí búrẹ́dì rà. Àwọn tí kò fọwọ́ kan ààpù báńkì rí, tó fi dórí àwọn arúgbó àti àwọn tí ojú wọn ti ṣú, ni ìyà yẹn tì sórí ààpù. Owó ti padà sọ́wọ́ wa láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n tíránsífà ti di àṣà, ẹni tó ń ta ata ní ọjà Ìkòtún pàápàá ti kọ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ sára páálí.

Àwọn tí mò ń sọ yìí kò sì kéré. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ti pé ogójì ọdún, àwọn tí wọ́n kà sí afọ́jú ju mẹ́rin lọ. Àwọn tó ń ríran bàìbàì kò sí nínú iye yẹn. Gilokóómà wà lára ohun tó ń fọ́ ojú wa jù. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ ojú láti ẹ̀gbẹ́, ohun tó bá sì ti jẹ kì í padà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà ní agbedeméjì: wọn kì í lo TalkBack, wọn kì í pe ara wọn ní afọ́jú, ṣùgbọ́n wọn kò rí lẹ́tà tín-ín-rín tí kò dúdú dáadáa. Àwọn wọ̀nyí ni ìyàtọ̀ àwọ̀ àti lẹ́tà ńlá wà fún. Ìyá yín wà nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú ààpù kan ká sì tú u wò. Ká sọ pé ẹnì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá gbà láti ṣe ààpù fún àwọn tó ń dá àjọ nínú ọjà. Alájọ á máa gba owó ojoojúmọ́, á máa kọ ọ́ sínú ààpù, nígbà tí oṣù bá parí, á fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì olówó. Iṣẹ́ tó dára ni. Ẹni tó ya ojú rẹ̀ fi àwòrán ọfà kékeré ṣe bọ́tìnì ìfowóránṣẹ́, ó sì rẹwà. Ẹni tó kọ kóòdù gbé àwòrán náà wọlé, ó sì gbàgbé ìlà kan ṣoṣo, ìlà tó gbẹ̀yìn nínú èyí:

```xml
<ImageButton
    android:id="@+id/btn_send"
    android:layout_width="wrap_content"
    android:layout_height="wrap_content"
    android:src="@drawable/ic_send"
    android:contentDescription="@string/send_money" />
```

Ìlà yẹn ni orúkọ bọ́tìnì. Kì í hàn lójú, kò gba àyè kankan lórí fóònù, kò sì lè ba ẹwà ohunkóhun jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbàgbé rẹ̀: ẹni tó ń wò ó kò ní mọ̀ láé pé kò sí níbẹ̀. Bí àwòrán kan bá sì jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán, ẹ kọ `@null` sí ipò orúkọ náà, kí TalkBack lè fò ó. Mo ti gbọ́ ààpù tó ń ka gbogbo òdòdó àti gbogbo ìlà tí wọ́n fi ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Kí olúwarẹ̀ tó dé ibi tí owó wà, ó ti sú u.

Àìlórúkọ burú, ṣùgbọ́n orúkọ tí kì í ṣe òótọ́ burú jù ú lọ, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rù. Nínú ààpù àjọ wa yìí, ọfà ìpadàsẹ́yìn kan wà lókè, orúkọ rẹ̀ sì ni "Padà". Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, oníbàárà ní òun kò fẹ́ ọfà yẹn mọ́, kí wọ́n fi bọ́tìnì tó ń pa orúkọ ènìyàn rẹ́ kúrò nínú àjọ síbẹ̀. Ẹni tó kọ kóòdù pààrọ̀ àwòrán, ó pààrọ̀ iṣẹ́ tí bọ́tìnì ń ṣe, ó sì fi orúkọ sílẹ̀ bó ṣe wà. Alájọ tí kò ríran á gbọ́ "Padà", á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, á sì ti pa oníbàárà rẹ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tí oníbàárà náà ti dá láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Kò ní mọ̀. Nígbà tí ìjà bá dé, á búra pé òun kò fọwọ́ kan nǹkan kan, àwọn ará ọjà á sì pè é ní olè.

Ẹ̀rọ àyẹ̀wò kò lè gbà yín lọ́wọ́ irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Google ní ààpù kan tó ń jẹ́ Accessibility Scanner, ọ̀fẹ́ ni, ó sì wúlò. Á fi bọ́tìnì tí kò lórúkọ hàn yín, á sọ ibi tí àwọ̀ kò ti yàtọ̀ tó, á tún sọ fún yín bí bọ́tìnì méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ṣùgbọ́n bí bọ́tìnì tó ń parẹ́ bá ń jẹ́ "Padà", ó lórúkọ, orúkọ rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù, nítorí náà á kọjá. Ẹ̀rọ kò mọ irọ́. Ẹni tó bá ti yí iṣẹ́ bọ́tìnì padà ló gbọ́dọ̀ yí orúkọ rẹ̀ padà lọ́jọ́ kan náà, kí ẹni tó ń yẹ kóòdù wò má sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn Yorùbá tí ẹ sì ń fi Yorùbá kọ orúkọ bọ́tìnì, mo kí yín, ṣùgbọ́n ẹ fetí ara yín gbọ́ ọ kí ẹ tó fi síta. Bí ohùn tó wà lórí fóònù bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, á ka Yorùbá yín lọ́nà tí Yorùbá kankan kò ní mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ààpù tẹ̀lé èdè tí ẹni náà yàn fún fóònù rẹ̀, kí ẹ má fi tipátipá kó èdè méjì pọ̀ nínú gbólóhùn kan.

Ewu mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ yín kò tíì ronú kàn rí, òun ló sì ń gba owó lẹ́ẹ̀mejì. Alájọ tẹ bọ́tìnì ìfowóránṣẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń falẹ̀, bí ó ti máa ń rí ní Ìgàndó nírọ̀lẹ́. Lójú fóònù, òbírí kékeré kan ń yí, lẹ́yìn náà àmì aláwọ̀ ewé kan yọ láti sọ pé owó ti lọ. Ojú rí i. Etí kò gbọ́ nǹkan kan, nítorí àwòrán lásán ni òbírí náà, àwòrán lásán sì ni àmì náà. Ẹni tí kò ríran dúró, ó dúró títí, ó gbà pé kò lọ, ó sì tún un tẹ̀. Owó lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ìwòsàn rẹ̀ kò ju nǹkan méjì lọ. Àkọ́kọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ sí i: "Owó ti lọ, ₦5,000, sí àkáǹtì lágbájá." Èkejì, ẹ kọ `android:accessibilityLiveRegion="assertive"` sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti máa yọ, kí TalkBack lè kà á lójú ẹsẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni náà ń fi ìka wá a kiri. Kí bọ́tìnì náà sì kú láàárín ìgbà tí owó ń lọ lọ́wọ́, kó má ṣeé tẹ̀. Èyí á gba àwọn tó ríran náà là, nítorí àwọn náà máa ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì bí inú bá ti ń bí wọn.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí etí, ká bọ́ sórí ojú. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní WCAG ti sọ láti ọdún 2008 pé lẹ́tà àti ohun tí a tẹ́ ẹ lé gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra tó 4.5 sí 1 ó kéré tán. Bí lẹ́tà bá tóbi dáadáa, 3 sí 1 tó. Dúdú lórí funfun jẹ́ 21 sí 1, kò sí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọ̀ eérú tí ẹ fẹ́ràn jù, `#999999` lórí funfun, jẹ́ 2.85 péré. Ó ti kùnà. `#767676` ni àwọ̀ eérú tó mọ́ jù tó ṣì kọjá lórí funfun, 4.54 ni. Inú àwọ̀ eérú yìí gan-an ni ẹ ń kọ owó ìdíyelé sí, ibẹ̀ ni ẹ ń kọ orúkọ ẹni tó máa gba owó sí, nítorí ẹni tó ya ojú ààpù ní kò fẹ́ kí ojú ààpù "pariwo". Ohun tó yẹ kó pariwo jù lẹ pa lẹ́nu mọ́!

Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ mi lórí èyí kọjá nọ́ńbà ìwé. Ọ́fíìsì tí iná mọ́lẹ̀ níwọ̀nba ni wọ́n fi ṣírò nọ́ńbà yẹn. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ rèé: ẹ mú ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ tó mọ́ jù, ẹ fi 0.05 kún un. Ẹ mú ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ tó ṣókùnkùn jù, ẹ fi 0.05 kún òun náà; kí ẹ wá fi èyí tó kéré pín èyí tó pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ funfun jẹ́ 1, ti `#999999` jẹ́ nǹkan bíi 0.318. 1.05 tí a fi 0.368 pín jẹ́ 2.85. Kí wá ni 0.05 tí à ń fi kún un? Ìmọ́lẹ̀ àyíká ni, èyí tó ń ta lu ojú fóònù tó sì ń padà wọ ojú wa. Ẹ wá gbé fóònù náà jáde lọ sí oríta Ìkòtún lọ́sàn-án gangan, kí oòrùn máa ta lu ú. Ká ní ìmọ́lẹ̀ àyíká ti di 0.5 dípò 0.05. Dúdú lórí funfun, tó jẹ́ 21 nínú ilé, á já wá sí 3. Àwọ̀ eérú yín tó jẹ́ 2.85 á já wá sí 1.8, ìyẹn ni pé ojú tó yè kooro pàápàá á máa fọwọ́ ṣíji bò ó kó tó rí i. Ẹni tó ní gilokóómà lè má rí nǹkan kan níbẹ̀ ju funfun lọ. Nítorí náà, bí àwọn tí ẹ ń ṣe ààpù fún bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ agboòrùn, ẹ má wá 4.5 kí ẹ sì jókòó. Iye owó, orúkọ ẹni tó ń gbà á àti nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó dúdú, kó dúdú kirikiri.

Ẹ má sì fi àwọ̀ nìkan sọ ọ̀rọ̀. Bí owó tó wọlé bá jẹ́ àwọ̀ ewé tí owó tó jáde sì jẹ́ pupa, láìsí àmì mìíràn, ẹni tí ojú rẹ̀ kò yà wọ́n sọ́tọ̀ á ka ìwé àkáǹtì rẹ̀ sódì, TalkBack kò sì ní pe àwọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ "wọlé" àti "jáde" síwájú rẹ̀. Ó parí.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni lẹ́tà ńlá, torí pé ìkẹ́ra ló máa ń rí lójú àwọn ọ̀dọ́. Àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú kì í wá TalkBack. Ọmọ rẹ̀ á bá a wọ inú ètò fóònù, á sì fa lẹ́tà tóbi títí dé òpin. Láti Android 14, tó jáde lọ́dún 2023, lẹ́tà lè tóbi tó ìlọ́po méjì. Ní báyìí, ẹ wo ojú ìwé tí ààpù àjọ wa ti ń to owó àwọn oníbàárà lẹ́sẹẹsẹ. Bí wọ́n ṣe kọ àyè iye owó rèé:

```xml
<TextView
    android:layout_width="72dp"
    android:layout_height="36dp"
    android:textSize="16sp" />
```

Lórí fóònù ẹni tó kọ ọ́, "₦250,000" wọ inú àpótí yẹn wẹ́kú. Ó dára pé ó fi `sp` díwọ̀n lẹ́tà, nítorí `sp` ló ń gbọ́ràn sí ẹni tó fẹ́ lẹ́tà ńlá. `dp` kì í gbọ́ràn. Àmọ́ `dp` ló fi díwọ̀n àpótí. Lẹ́tà á dàgbà, àpótí kò ní dàgbà. Nígbà tí ìyá arúgbó bá ṣí i lórí fóònù tirẹ̀, "₦250," nìkan ni ìlà àkọ́kọ́ á gbà. "000" á bọ́ sí ìlà kejì, àpótí kò sì ga tó láti fi ìlà kejì hàn. Ohun tí ìyá á rí ni ₦250. Kọ́mà kan tó tẹ̀lé e ni ẹlẹ́rìí tó kù, ojú tó ń wá lẹ́tà ńlá kò sì ní rí kọ́mà. Á rò pé igba náírà ó lé àádọ́ta ni òun fẹ́ fi ránṣẹ́, á sì tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni".

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ibi tí ààpù yẹn ti ṣàṣìṣe ìṣirò. Kóòdù tó ń ka owó pé pérépéré. Àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kò ní rí nǹkan kan, nítorí lẹ́tà fóònù tiwọn wà bó ṣe wà láti ilé iṣẹ́. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ kọ `wrap_content` sí fífẹ̀ àti gíga àpótí, kí ẹ fi `minHeight` kún un bí ẹ bá fẹ́ kó ga dé ìwọ̀n kan, kí iye owó sì ní ìlà tirẹ̀ lábẹ́ orúkọ, kó má máa bá orúkọ du àyè lórí ìlà kan. Ẹ má sì ṣe ohun tí àwọn kan ń ṣe, kí ẹ fi `maxLines` di ìlà mọ́ ẹyọ kan kí ẹ sì fi dọ́ọ̀tì mẹ́ta rọ́pò ohun tó kù. Ẹ lè gé orúkọ kúrú, ẹ lè gé àdírẹ́sì kúrú. Ẹni tó bá gé owó kúrú ti purọ́.

Mo mọ èsì tí ẹ máa fọ̀ sí mi. Ẹ máa ní ọ̀rọ̀ ààbò ni, pé àwọn oníjìbìtì ń gba ọ̀nà tí TalkBack ń gbà láti ka ojú fóònù, nítorí náà ó sàn kí ààpù kọ̀ láti ṣí bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá wà lórí fóònù. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àwọn kóòdù olè kan wà tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún àṣẹ yẹn lórí Android, tí wọ́n bá sì ti rí i gbà, wọ́n á máa ka ohun tí ẹ ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wọn, afọ́jú lẹ tì í mọ́ jù, yóò sì padà sọ́dọ̀ àjèjì tó máa bá a tẹ̀ ẹ́. Android 14 ti fún yín ní ọ̀nà tó dára jù: ẹ kọ `android:accessibilityDataSensitive="yes"` sí ibi píìnì àti ibi owó, kìkì àwọn ètò tó kéde ara wọn ní ohun èlò fún akanda ẹ̀dá ló máa lè kà á. Kò lè dí gbogbo ihò, nítorí orí fóònù àtijọ́ kò sí i, Google ló sì ń ṣọ́ ẹni tó ń kéde ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ṣì sàn ju kí ẹ lé onílé síta nítorí olè lọ. Àti pátákó píìnì tí ẹ ń fi ọwọ́ ara yín ya, tí ẹ ń da nọ́ńbà rẹ̀ rú ní gbogbo ìgbà: bí ẹ kò bá fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lórúkọ, afọ́jú kò lè wọlé, bí ẹ bá sì fún un, kí ààpù kìlọ̀ fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ pé kó fi ohun ìgbọ́rọ̀ sétí, kí ọjà má baà gbọ́ ọ pẹ̀lú rẹ̀.

Òfin kò sì dákẹ́. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tirẹ̀ fún àwọn akanda ẹ̀dá láti ọdún 2011, òun ló dá ọ́fíìsì tí a ń pè ní LASODA sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin àpapọ̀ tó ka ṣíṣe ẹ̀tanú sí wọn léèwọ̀. Owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦1,000,000 fún ilé iṣẹ́. Fún ẹnì kan ṣoṣo, ó jẹ́ ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì pọ̀. Ọdún 2019 yẹn náà ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà kọ̀ láti dá sí ẹjọ́ tí Domino's, àwọn tó ń ta písà, gbé wá síwájú rẹ̀. Afọ́jú kan tó ń jẹ́ Guillermo Robles ló ti pè wọ́n lẹ́jọ́ tẹ́lẹ̀ pé òun kò lè fi ààpù wọn ra oúnjẹ. Oúnjẹ lásán ni ti ọ̀hún o. Tiyín jẹ́ owó.

Nítorí náà, kí ààpù yín tó jáde, ẹ ṣe èyí. Ẹ tẹ bọ́tìnì ohùn méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù mọ́lẹ̀ pọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kí TalkBack lè dìde. Bí kò bá dìde, ẹ lọ ṣí i nínú ètò fóònù. Ẹ fi aṣọ di ojú ara yín, kí ẹ sì gbìyànjú láti fi ₦100 ránṣẹ́. Ẹ ṣí aṣọ kúrò, ẹ pa TalkBack, ẹ fa lẹ́tà tóbi dé òpin, ẹ jáde sínú oòrùn, kí ẹ tún un ṣe. Ibi tí ẹ bá ti kọsẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ẹni tí kò ríran ní tòótọ́ tó ń lo TalkBack lójoojúmọ́, ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un bí ẹ ṣe ń san ti ẹni tó ya ojú ààpù, ẹ má fún un ní ẹ̀bùn, ẹ má sì bẹ̀ ẹ́ kó wá ràn yín lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kó fi ₦100 ránṣẹ́ sí àkáǹtì tí kò fi owó ránṣẹ́ sí rí. Kí ó tó tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni", kó sọ iye tó fẹ́ fi ránṣẹ́ àti orúkọ ẹni tó máa gbà á fún yín. Ẹ jókòó sí òdìkejì yàrá, kí ẹ má sọ̀rọ̀. Bí ó bá na fóònù sí yín pé kí ẹ bá òun tẹ̀ ẹ́, ààpù yẹn kò gbọdọ̀ jáde nílé.